Ọjọ́ Mélòó Ni Wọ́n Rìn? Bí Máàpù, Kàlẹ́ńdà àti Ìrìn Ẹsẹ̀ Ṣe Ń So Ìtàn Ayé Àtinúdá Pọ̀

Nínú ìtàn àkọ́kọ́ tí mo kọ nípa ayé tí mo fọwọ́ ara mi dá, Akínjó àti Ṣọlá kúrò ní ìlú Orómù lálẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n yọ́ wọ ilé olódi Yánkèrè nínú òkùnkùn biribiri. Mo ya máàpù sí iwájú ìwé, inú mi sì dùn sí i. Àfi bí ẹnì kan tó ka ìwé náà ṣe mú òwú, tó tẹ́ ẹ lé ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ lórí máàpù, tó wọ̀n ọ́n, tó wá kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ní ìyẹ́ ni?"

Òótọ́ ló sọ. Mo jókòó láti tún ọjọ́ ìrìn ṣe, ìgbà tí mo tún un ṣe tán ni òṣùpá dojú rú. Mo fẹ́ tún òṣùpá ṣe, ni àjọ̀dún tí mo ti kọ sí orí kẹta bá dí mi lọ́nà. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ohun mẹ́ta yìí, máàpù, kàlẹ́ńdà àti ìwọ̀n ìrìn, ò dá dúró. Ẹ yan méjì, ẹ̀kẹta ti yan ara rẹ̀ nìyẹn. Ìrìn àjò Akínjó àti Ṣọlá ni n ó fi ṣàlàyé bí a ṣe ń tò wọ́n pọ̀, torí pé ibẹ̀ ni èmi náà ti kọ́ ọ.

Ẹ fi òwú wọ̀n ọ́n, ẹ má fi rúlà

Ẹ kọ́kọ́ pinnu òṣùwọ̀n máàpù yín. Lórí tèmi, sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ 40 kìlómítà. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ máàpù gan-an, kó má jẹ́ pé orí yín nìkan ló wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ òwú lé ọ̀nà tí àwọn ènìyàn yín máa tọ̀, kó yí bí ọ̀nà ṣe yí, kó bá odò lọ síbi tí afárá wà, kó má fò ó. Ẹ wá na òwú náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà.

Rúlà ló tàn mí jẹ. Láti Orómù sí Yánkèrè, bí ẹyẹ bá ń fò, sẹ̀ǹtímítà 12 ni, ìyẹn 480 kìlómítà. Òwú sọ sẹ̀ǹtímítà 15, ìyẹn 600 kìlómítà. Ọgọ́fà kìlómítà ni mo ti gbàgbé síbi tí ọ̀nà ti ń ṣẹ́ kọ́nà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òwú gan-an ò lè rí gbogbo ìyípo ọ̀nà orí òkè, torí náà 600 yẹn ni ó kéré jù.

Àwọn kan máa ń kọ ìtàn tán kí wọ́n tó ya máàpù. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó le. Tolkien, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tí ìtàn òrùka rẹ̀, The Lord of the Rings, jáde láàárín 1954 sí 1955, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé máàpù lòun fi bẹ̀rẹ̀, òun sì mú kí ìtàn bá a mu, pé ẹni tó bá gbà á ní òdìkejì á bọ́ sínú ìdàrúdàpọ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, ẹnu ẹni tó ti jẹ níbẹ̀ ni mo fi sọ ọ́.

Ilẹ̀ ló ń pinnu bí ẹsẹ̀ ṣe ń yá

Gbogbo kìlómítà kọ́ ló gùn bákan náà. Àgbàlagbà tó gbé ẹrù, tó ń rìn lójú ọ̀nà tó dán, lè rin nǹkan bí 30 kìlómítà lóòjọ́, lójoojúmọ́, láìdùbúlẹ̀. Ó lè rin 45 tàbí 50 lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á sọ fún un ní ọjọ́ kejì. Nínú àbàtà àti igbó tí kò sí ọ̀nà, mo dín in sí 15. Lórí òkè, 12. Ẹni tó bá ń kó ọmọ ogun lọ kò ní kọjá 15 sí 20 lójú ọ̀nà dídán pàápàá, nítorí kẹ̀kẹ́ ẹrù àti nítorí pé ẹni tó wà lẹ́yìn ò lè gbéra àfi tí ẹni iwájú bá ti lọ.

Ẹ wá gé òwú yín sí ọ̀nà ọ̀nà, kí ẹ ṣírò ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ti Akínjó àti Ṣọlá rí báyìí. Ojú ọ̀nà láti Orómù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6, ìyẹn 240 kìlómítà: ọjọ́ 8. Àbàtà Kéléwà jẹ́ 3, ìyẹn 120 kìlómítà: ọjọ́ 8 náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ọ̀nà àkọ́kọ́ ni. Òkè Ìrúkú jẹ́ 1.5, ìyẹn 60 kìlómítà: ọjọ́ 5. Ojú ọ̀nà ìhà kejì jẹ́ 4.5, ìyẹn 180 kìlómítà: ọjọ́ 6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 27 tí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ̀dá sì gbọ́dọ̀ sinmi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà, mo fún wọn ní ọjọ́ kan. Ìsinmi mẹ́rin wọlé sí i, ó di ọjọ́ 31. Èmi tí mo kọ mẹ́wàá!

Nígbà tí ìwọ̀n ojoojúmọ́ bá ti wà, ìgbà yẹn ni àrà tó ju ìwọ̀n lọ máa ń wú èèyàn lórí. Nínú ìtàn Tolkien, àwọn mẹ́ta kan fi ẹsẹ̀ lé ọ̀tá bá, wọ́n sì ti rin líìgì 45 kí ọjọ́ kẹrin tó parí. Líìgì kan tó máìlì mẹ́ta, nítorí náà ó lé ní 210 kìlómítà, ó ju 50 lọ lóòjọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé olórí àwọn ẹlẹ́ṣin tó pàdé wọn ló ya ẹnu, tó ní ó yẹ kí wọ́n máa kọ ọ́ lórin. Ẹni tó mọ bí ilẹ̀ yẹn ṣe gùn tó ló sọ ọ́, kì í ṣe òǹkọ̀wé. Bí ẹ bá fẹ́ kí akọni yín rìn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ wá ẹnì kan nínú ìtàn tí yóò rí i pé ó pọ̀.

Ohun kékeré kan rèé kí n má gbàgbé: láti ìgbà tí wọ́n bá ti fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ wọ àbàtà títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè jẹ́ ọjọ́ 15, tí a bá ka ìsinmi méjì mọ́ ọn, kò sì sí abúlé kankan níbẹ̀. Bí oúnjẹ gbígbẹ bá jẹ́ kílò kan fún ẹnì kan lóòjọ́, kílò 15 ló máa wà lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí omi. Ẹni tó gbé kílò 15 kì í sáré.

Kàlẹ́ńdà: ọjọ́ tó fara pamọ́

Kàlẹ́ńdà mi rọrùn: oṣù 12, ọjọ́ 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọjọ́ márùn-ún tí kò sí nínú oṣù kankan, kó lè pé 365. Mo fi ọjọ́ márùn-ún yẹn sí àárín oṣù kẹfà àti oṣù keje, mo sì sọ wọ́n ní Àìlóṣù. Irú ètò yìí pọ̀ nínú ìtàn báyìí. Tolkien náà ṣe é fún àwọn ènìyàn kúkúrú rẹ̀, ó tilẹ̀ yọ ọjọ́ àárín ọdún kúrò nínú ọ̀sẹ̀, kí 364 tó kù lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ 52 gééré. Nípa bẹ́ẹ̀, ọjọ́ oṣù kan náà máa ń bọ́ sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan náà lọ́dọọdún. Ìṣirò rẹ̀ á dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn.

Ọjọ́ tí kò lóṣù yìí ló máa ń dá òǹkọ̀wé lóró. Akínjó àti Ṣọlá kúrò nílé ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà. Bí ènìyàn bá ka oṣù lásán, ọjọ́ 16 oṣù keje jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ sí i. Irọ́ ni; ọjọ́ 35 ni, nítorí Àìlóṣù wà láàárín. Nítorí náà, ẹ má ka ìrìn àjò pẹ̀lú ọjọ́ oṣù rárá. Ẹ ka ọjọ́ ìrìn: ọjọ́ 1, ọjọ́ 2, ọjọ́ 3. Ìgbà tí ẹ bá parí ni kí ẹ wá kọ ọjọ́ oṣù sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Òṣùpá wá ńkọ́? Láti àrànmọ́jú kan sí òmíràn jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 29 àti ààbọ̀. Lálẹ́ àrànmọ́jú, òṣùpá máa ń yọ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, á sì wà lókè títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa ń pẹ́ sí i láti yọ lálaalẹ́, ní ìwọ̀n nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Ìwọ̀nba ohun tí ẹ nílò nìyí. Láàárín ọdún kan, òṣùpá 12 jẹ́ ọjọ́ 354, nítorí náà àrànmọ́jú ọdún tó ń bọ̀ á fi ọjọ́ 11 ṣáájú ti ọdún yìí. Ẹ má kọ pé àjọ̀dún tó ń bọ́ sí ọjọ́ oṣù kan náà máa ń bọ́ sí àrànmọ́jú lọ́dọọdún.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí ìrìn náà jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí wàhálà, torí òṣùpá á ti pẹ́ lóru kó tó yọ. Nígbà tó di ọjọ́ 31, àrànmọ́jú ti yípo dé. Lálẹ́ tí wọ́n dé iwájú Yánkèrè, ojú ọ̀run mọ́ rekete, ẹni tó wà lórí odi á rí eku tó ń sọdá. Òkùnkùn biribiri mi ti lọ.

Ẹ má sì rò pé òǹkọ̀wé ńlá bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ní 1944, Tolkien kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ pé òun ti rí i pé òṣùpá inú ìtàn òun ń ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe, pé ó ń yọ ní apá kan ilẹ̀ náà nígbà tó ń wọ̀ ní apá kejì. Ó ní láti padà lọ tún ibì kan kọ nínú àwọn orí tó ti kọ tẹ́lẹ̀. Ọgbọ́n tó dá ni pé ó mú òṣùpá gidi ti 1941 sí 1942, ó sún un síwájú ní ọjọ́ mélòó kan, ó sì lò ó. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ mú kàlẹ́ńdà òṣùpá ọdún gidi kan, kí ẹ so ọjọ́ kìíní ìtàn yín mọ́ alẹ́ tí ẹ bá fẹ́, ìyókù á máa tẹ̀lé e fúnra rẹ̀.

Ìwé ọjọ́: níbi tí ìtàn ti ń yọjú

Ẹ fa ìlà sójú ìwé. Ìlà kan fún ọjọ́ kan, òpó kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń rìn, òpó tó kẹ́yìn fún òṣùpá. Bí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń rìn, àṣìṣe lè fara pamọ́. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ méjì bá ní láti pàdé, tàbí tí ọ̀kan ní láti ṣáájú èkejì dé, ni àṣírí máa tú.

Ẹgbẹ́ kejì tèmi jẹ́ ẹlẹ́ṣin kan. Akínjó jí kọ́kọ́rọ́ kan nínú àpótí ní Orómù, ẹnikẹ́ni ò sì ní ṣí àpótí yẹn títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn Àìlóṣù. Ọjọ́ 20 ìrìn náà nìyẹn. Ẹlẹ́ṣin gbéra láàárọ̀ ọjọ́ 21. Ẹṣin ò lè la àbàtà, torí náà ọ̀nà gígùn tó yí òkè po ló gbà: sẹ̀ǹtímítà 20, ìyẹn 800 kìlómítà. Ẹṣin kan ṣoṣo, tí kò ní pààrọ̀, lè ṣe nǹkan bí 50 kìlómítà lóòjọ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Ọjọ́ 16 nìyẹn. Nínú ìwé ọjọ́, ó rí báyìí:

Ọjọ́ 1 (16 oṣù kẹfà): àwọn méjèèjì kúrò ní Orómù. Àrànmọ́jú.
Ọjọ́ 9: ojú ọ̀nà parí nírọ̀lẹ́.
Ọjọ́ 14 sí 17: inú àbàtà, òṣùpá ò yọ rárá tàbí kó jẹ́ fẹ́lẹ́.
Ọjọ́ 20 (Àìlóṣù karùn-ún): wọ́n ṣí àpótí ní Orómù.
Ọjọ́ 21 (1 oṣù keje): ẹlẹ́ṣin gbéra. Àwọn méjèèjì ń sinmi lórí òkè.
Ọjọ́ 31 (11 oṣù keje): wọ́n dé iwájú Yánkèrè. Àrànmọ́jú.
Ọjọ́ 36 (16 oṣù keje): ẹlẹ́ṣin dé Yánkèrè nírọ̀lẹ́.

Mo wo ọjọ́ 31 àti ọjọ́ 36 títí. Lálẹ́ ọjọ́ 36, òṣùpá á ti fi ọjọ́ márùn-ún ààbọ̀ kọjá àrànmọ́jú. Ẹ fi ìṣẹ́jú 50 lọ́nà márùn-ún ààbọ̀, ó tó wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ kó tó yọ. Ẹ yọ wákàtí kan àti díẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ á ṣì fi wà lójú ọ̀run. Ó ku nǹkan bí wákàtí mẹ́ta òkùnkùn. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó lè rí òkùnkùn tó tó wọn, wọ́n ní láti fara pamọ́ fún ọjọ́ márùn-ún ní ẹsẹ̀ odi. Alẹ́ tí òkùnkùn yẹn sì tó wọn ni ẹlẹ́ṣin tó mọ orúkọ wọn ń wọ ẹnu ibodè.

Èmi kọ́ ni mo ronú kan èyí. Òwú, kàlẹ́ńdà àti òṣùpá ló fi lé mi lọ́wọ́. Ohun tí mo rò pé ó ba ìtàn mi jẹ́ ló wá di orí tó dùn jù nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí nǹkan kan ṣe lè da gbogbo rẹ̀ nù. Bí ibùdó tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹṣin bá wà lójú ọ̀nà yẹn, ońṣẹ́ lè ṣe 150 kìlómítà lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn agùnṣin tó ń gbé lẹ́tà la ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá ní 1860 rin nǹkan bí 3,000 kìlómítà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí pé ẹṣin tuntun ń dúró dè wọ́n ní gbogbo kìlómítà mélòó kan. Ní 150 lóòjọ́, ẹlẹ́ṣin mi á dé Yánkèrè ní ọjọ́ 26, á ti sinmi, á ti jẹun, á sì jókòó dè wọ́n. Nítorí náà, mo ní láti jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ láti orí kejì pé ọba Yánkèrè ti pa ibùdó ẹṣin yẹn tì. Bó bá jẹ́ orí kọkàndínlógún ni mo tó sọ ọ́, wọ́n á ní mo ń wá àwáwí.

Bí nǹkan ò bá bá ara mu

Ẹ kọ́kọ́ yí èyí tí òǹkàwé ò tíì rí. Ọjọ́ tí ẹnì kan gbéra ló rọrùn jù láti sún. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kún un, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí ìdí tó fi pẹ́: odò kún, ẹsẹ̀ ṣẹ́, wọ́n dúró de ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà tí wọ́n gbà. Òjò àti kùrukùru lè bo òṣùpá lẹ́ẹ̀kan nínú ìwé kan. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n á ti mọ̀ yín. Òṣùwọ̀n máàpù ni kí ẹ fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn, nítorí pé bí ẹ bá yí i, gbogbo ìrìn àjò inú ìwé náà ló yí, títí kan àwọn tí wọ́n ti tọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìwé tó bá ti jáde ò ṣeé fọwọ́ kàn. Nínú ìwé ìtàn tí Tolkien gbé jáde ṣáájú ìtàn òrùka, ní 1937, àwọn arìnrìn-àjò wà létí odò, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n rí iná àwọn òmìrán níwájú. Nínú ìtàn òrùka, ẹni tó mọ ilẹ̀ yẹn bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ ló ṣíwájú, síbẹ̀ láti orí afárá odò yẹn dé ibi tí àwọn òmìrán náà ti di òkúta gbà wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Òótọ́ ni pé wọ́n yà kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n àlàfo náà pọ̀ jù. Ní 1960, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé àkọ́kọ́ kọ kí méjèèjì lè bára mu, ó sì dá a dúró lágbede méjì. Àwọn tó ń ya máàpù ìtàn náà ṣì ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ̀ pé ìwé kejì ń bọ̀, ẹ pa ìwé ọjọ́ ti àkọ́kọ́ mọ́, ẹ má dà á nù torí pé wọ́n ti tẹ ìwé náà.

Nígbà tí mo parí àtúnkọ, mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fi òwú wọ̀n mí níjọ́sí. Ó tún mú òwú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ 31 pé, ẹlẹ́ṣin pé, òṣùpá pé. Ó wá béèrè pé oúnjẹ wo ni àwọn méjèèjì jẹ ní ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n fi fara pamọ́ ní ẹsẹ̀ odi, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ dáná.